Etí tó ń dun ọmọdé lẹ́yìn ọ̀fìnkìn: oògùn ìrora, àti ìgbà tí dókítà gbọ́dọ̀ yẹ inú etí wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, ó sì wọn kìlógíráàmù 14. Ọ̀fìnkìn ti ń bá a jà láti ọjọ́ márùn-ún. Láàrin òru àná ló ta jí, ó gbá etí ọ̀tún mú, ó ń ké pé ó ń dun òun. Ara rẹ̀ gbóná dé 38.4. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jẹun díẹ̀, ó sì ń ṣeré, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ráhùn etí náà. Kí ni mo lè fún un fún ìrora? Oògùn apakòkòrò kan ṣẹ́kù nílé láti ìgbà tí ọ̀fun dùn ún. Ṣé kí n fún un? Ìgbà wo ló di dandan kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ fún un ní oògùn ìrora báyìí, ní ìwọ̀n tó bá ìwúwo rẹ̀ mu, nítorí kò yẹ kí ọmọ máa jẹ̀rora kìkì nítorí pé dókítà kò tíì rí i. Ẹ má ṣe fún un ní oògùn apakòkòrò tó ṣẹ́kù yẹn. Bí ó ti ń jẹun tó sì ń ṣeré, tí ibà rẹ̀ kò sì dé 39, ó bójú mu kí ẹ máa ṣọ́ ọ nílé fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, àyàfi bí ọ̀kan nínú àwọn àmì tí n ó sọ níwájú bá yọjú.

Lẹ́yìn awọ ìlù etí, yàrá kékeré kan wà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Ihò tóóró kan ló so yàrá náà pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn imú. Òun ló ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé, òun náà ló sì ń jẹ́ kí omi inú rẹ̀ sàn jáde. Ti ọmọdé kúrú, ó tóóró, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, kò dà gẹ̀rẹ́ bíi ti àgbàlagbà. Bí ọ̀fìnkìn bá ti mú kí ẹ̀yìn imú wú, ihò náà a dí, omi a sì dá sínú yàrá yẹn, kòkòrò tó ti imú wá a wá ráyè pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Bí omi àti ọyún ti ń pọ̀, wọ́n ń ti awọ ìlù etí síta, fífà tí awọ náà sì ń fà yìí ló ń dun ọmọ. Nítorí náà ni etí kì í fi í sábà dùn lọ́jọ́ tí ọ̀fìnkìn bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí òbí ti ń rò pé àìsàn náà ti ń lọ.

Òru ló máa ń le jù. Bí ọmọ bá dùbúlẹ̀, inú imú a túbọ̀ wú, omi tó wà lẹ́yìn awọ kò sì ní ráyè sàn. Nígbà tó bá dìde lówùúrọ̀, ìnira náà a fúyẹ́ díẹ̀, ó lè dà bí ẹni pé ó ti tán, kó tó tún padà nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí eré òwúrọ̀ yìí mú yín gbàgbé oògùn ìrora ti alẹ́.

Parasitamọ́ọ̀lù ni mo máa ń kọ́kọ́ lò. Ìwọ̀n rẹ̀ fún ọmọdé jẹ́ mílígíráàmù 10 sí 15 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ọmọ náà wọn. Ní ti ọmọ yín, ìyẹn jẹ́ láti mílígíráàmù 140 sí 210 lẹ́ẹ̀kan. Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe ti máa ń wọlé, nítorí pé agbára oògùn inú ìgò kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Bí ara ìgò bá sọ pé mílígíráàmù 120 ló wà nínú mílílítà 5, mílílítà 7.5 yóò fún un ní mílígíráàmù 180, ìyẹn sì bá a mu. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìgò tí mílígíráàmù 250 wà nínú mílílítà 5, mílílítà 7.5 kan náà á di mílígíráàmù 375, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tó pọ̀ jù tí ó yẹ kó mu. Nínú irú ìgò kejì yìí, mílílítà 4 ti tó o. Ẹ ka ara ìgò lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fa oògùn. Bí ìwé inú páálí bá sì sọ iye tó kéré díẹ̀ ju ìṣirò yìí lọ, ẹ tẹ̀lé ìwé náà.

Sírínjì aláìlábẹ́rẹ́ tó máa ń bá ìgò wá ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ṣíbí ìdáná kì í ṣe òṣùwọ̀n. Kékeré àti ńlá ni wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì lè fojú díwọ̀n mílílítà 4. Ẹ rọra ti ẹnu sírínjì náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú, kí ẹ máa tẹ oògùn náà jáde díẹ̀díẹ̀ bó ti ń gbé e mì, kí ó má baà pá a lórí. Ẹ lè tún un fún un lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ṣùgbọ́n kó má ṣe ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàrin wákàtí 24. Ẹ kọ aago tí ẹ fún un sórí bébà, nítorí pé lóru, bí bàbá bá fún un tán tí ìyá tún jí, oògùn kan náà a di méjì láìmọ̀. Ẹ tún wo ara ìgò oògùn ọ̀fìnkìn tó bá wà nílé: púpọ̀ nínú wọn ni parasitamọ́ọ̀lù ti wà nínú wọn tẹ́lẹ̀, kò sì yẹ kí ọmọ mu méjèèjì pọ̀.

Ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì, mo fẹ́ràn kí òbí máa fún ọmọ ní oògùn náà bí àkókò rẹ̀ bá ti tó nígbà tó wà lójúfò, dípò kí ó máa dúró di ìgbà tó bá ń ké. Oògùn nílò bí ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan kó tó ṣiṣẹ́, ìrora tó ti le kọjá ààlà sì máa ń pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Ìwọ̀n pípé ní ààbọ̀ wákàtí kí ó tó lọ sùn ló wúlò jù lọ nínú gbogbo rẹ̀.

Bí parasitamọ́ọ̀lù nìkan kò bá tó, ibuprofíìnì wà. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 5 sí 10 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn mílígíráàmù 70 sí 140 fún ọmọ yín. Nínú ìgò tí mílígíráàmù 100 wà nínú mílílítà 5, mílílítà 5 yóò fún un ní 100, mílílítà 7 ló sì jẹ́ òpin. Wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ni kó wà láàrin ìgbà kan àti èkejì, kó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lójúmọ́. Kí ó jẹ nǹkan díẹ̀ kí ó tó mu ún. Mi ò ní fi fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà láìjẹ́ pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀, tàbí ọmọ tó ń bì tó sì ń ṣu púpọ̀ débi pé omi ara rẹ̀ ń gbẹ, tàbí ọmọ tí àrùn kíndìnrín wà lára rẹ̀, tàbí èyí tí ikọ́ fée rẹ̀ máa ń le sí i bó bá mu irú oògùn yìí, tàbí ọmọ tí ilẹ̀ẹ́gbóná tí wọ́n ń pè ní chickenpox ń ṣe lọ́wọ́. Ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí kò bá ṣiṣẹ́ tó, ẹ lè fi èkejì gbè é, kí olúkúlùkù máa tẹ̀lé àkókò tirẹ̀. Asipirínnì kò sí fún ọmọdé rárá, nítorí ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ọmọ tí àìsàn bí ọ̀fìnkìn ń ṣe jẹ́.

Ẹ má ṣe kán ohunkóhun sínú etí náà. Òróró tó lọ́wọ́ọ́rọ́, oje ewé, oògùn etí ti ẹlòmíràn, kò sí ọ̀kan tó lè dé ibi tí ìrora wà, nítorí awọ ìlù etí ló wà láàrin. Bí awọ náà bá sì ti lu, a jẹ́ pé ohun tí ẹ kán sí i yóò kọjá tààrà sí yàrá inú, níbi tí kò yẹ kó dé. Oògùn kíkán tó ń dín ìrora etí kù díẹ̀ wà lóòótọ́, ó sì lè ran ọmọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wo inú etí tó rí i pé awọ pé ló yẹ kó sọ pé kí ẹ lò ó. Ẹ má ṣe ti òwú orí igi bọ inú etí. Aṣọ tí a rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí a fún gbẹ lè tù ú nínú bí ẹ bá gbé e lé etí láti ìta. Ẹ kọ́kọ́ fi í kan ìsàlẹ̀ apá tiyín láti mọ̀ pé kò gbóná jù. Ẹ lè fi omi oníyọ̀ tí wọ́n ṣe fún imú ọmọdé kán imú rẹ̀ kí ó lè mí dáadáa. Àwọn oògùn tí wọ́n ní ó ń gbẹ ọ̀fìnkìn kò mú etí yá kíá, wọ́n sì lè mú ọmọ sùn ju bó ti yẹ lọ tàbí kí ara rẹ̀ má balẹ̀. Owó dànù ni wọ́n lójú tèmi.

Ní ti oògùn apakòkòrò, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ju ọdún méjì lọ, tí ara wọn kò le jù, ni etí wọn máa ń yá láàrin ọjọ́ mẹ́ta láìlò ó. Nínú ọmọ bẹ́ẹ̀, àǹfààní tó ń ṣe fún ìrora kéré, kì í sì í hàn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ìrora le jù. Ìgbẹ́ gbuuru, èébì àti ara sísú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù nílé tiẹ̀ tún burú jù: oògùn olómi tí a ti po kì í níye lórí mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kì í sábà tó láti lò tán, ìwọ̀n tí wọ́n fún un nígbà yẹn kò sì bá ìwúwo rẹ̀ ìsinsìnyí mu. Bí ó bá lo ìdajì rẹ̀ kó tó dé iwájú dókítà, ojú àìsàn náà á ti yí padà díẹ̀, á sì ṣòro láti mọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Àwọn ọmọ kan wà tí a kì í ní kí wọ́n dúró. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí ó dà bí ẹni pé etí ń dùn ún gbọ́dọ̀ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kò bá sì tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ gbóná dé 38, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, etí ì báà dùn ún, ì báà má dùn ún. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì tí etí méjèèjì ń dùn, ọmọ tí ọyún tàbí omi ń jáde ní etí rẹ̀, ọmọ tí ara rẹ̀ kò lè gbógun ti àrùn dáadáa, àti ọmọ tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sínú etí rẹ̀ nípa iṣẹ́ abẹ, gbogbo wọn ló yẹ kí dókítà yẹ etí wọn wò láì pẹ́. Fún ọmọ bíi tiyín, ohun tó ń yí ọ̀ràn padà ni kí ibà dé 39, tàbí kí ìrora le débi pé oògùn tí ẹ wọ̀n dáadáa kò mú un rọlẹ̀, tàbí kí ọjọ́ kẹta pé tí kò sí ìyàtọ̀.

Àwọn àmì mìíràn wà tí kì í dúró di ilẹ̀ mọ́. Ẹ máa fi ọwọ́ kan egungun tó wà lẹ́yìn etí rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ fi ti ọ̀tún wé ti òsì. Bí ibẹ̀ bá wú, tó pọ́n, tó ń dùn ún bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tàbí tí etí náà yọ síta tó sì wálẹ̀ ju èkejì lọ nígbà tí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò náà ti wọ inú egungun. Bí ọrùn rẹ̀ bá le tí kò lè tẹ àgbọ̀n rẹ̀ mọ́ àyà, bí ìmọ́lẹ̀ bá ń dí i lójú pẹ̀lú orí fífọ́ líle, bí ó bá ń sùn ṣáá tó sì ṣòro láti jí, bí gìrì bá mú un, bí ẹ̀gbẹ́ ojú kan kò bá mì nígbà tó ń rẹ́rìn-ín tàbí tó ń sunkún, tàbí tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tí òòyì ń kọ́, tó sì ń bì ṣáá, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru yẹn. Irú èyí kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ìdúró wákàtí díẹ̀ lè sọ ọ́ di ńlá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí etí bá dé iwájú dókítà, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó béèrè. Ẹ jókòó, kí ẹ gbé ọmọ lé itan yín ní ẹ̀gbẹ́, kí ọwọ́ yín kan di orí rẹ̀ mọ́ àyà yín, kí èkejì sì di apá rẹ̀ méjèèjì. Dókítà tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ wo etí tí kò dùn, kí ọmọ náà lè rí i pé nǹkan náà kò bani lẹ́rù, kó tó wo èyí tó ń dùn. Ó ń fi ẹ̀rọ kékeré oníná wo awọ ìlù etí. Awọ tó dá ṣáṣá máa ń mọ́ gaara bíi ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì máa ń kó sínú díẹ̀. Ohun tó ń fi hàn pé ọyún wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ó yọ síta, kí àwọ̀ rẹ̀ di bí ẹni pé ìkùukùu bò ó, kí ó má sì mì bí a bá fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i. Pípọ́n nìkan kò tó: ọmọ tó ń ké tàbí tí ibà ń mú, awọ etí rẹ̀ máa ń pọ́n láìsí ọyún kankan níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní, "Etí rẹ̀ pọ́n," tí wọ́n sì fẹ́ fún un ní oògùn apakòkòrò, kì í ṣe àfojúdi láti béèrè pé, "Ṣé awọ náà yọ síta?"

Etí lè dùn ọmọ láìjẹ́ pé inú etí ni àìsàn wà. Bí ẹ bá rọra tẹ ẹran kékeré tó wà níwájú ihò etí, tàbí tí ẹ fa etí náà díẹ̀, tí ọmọ sì ké gidigidi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ihò etí ti ìta ló wú. Eyín tó ti kẹ̀ tàbí ọ̀fun tó wú náà lè rán ìrora lọ sí etí. Bí òórùn bá ń jáde láti etí kan ṣoṣo, ẹ rò ó pé ọmọ lè ti ti nǹkan bọ ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bátìrì kékeré ni, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, nítorí ó ń jó ara láti inú.

Bí ìrora bá lọ sílẹ̀ lójijì tí ẹ sì rí omi tàbí ọyún lórí ìrọ̀rí, awọ ìlù etí ti lu díẹ̀, ohun tó ń tì í sì ti rí ọ̀nà jáde. Ó máa ń dẹ́rù ba òbí ju bó ti yẹ lọ, nítorí púpọ̀ nínú irú ihò bẹ́ẹ̀ ló máa ń dí fúnra rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Síbẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ rí i, nítorí oògùn apakòkòrò sábà máa ń wúlò fún irú èyí. Títí di ìgbà náà, ẹ máa nu èyí tó jáde sí ìta pẹ̀lú aṣọ mímọ́, kí omi ìwẹ̀ má wọ inú etí náà, kí ọmọ má sì wẹ odò. Bí ọyún bá ṣì ń jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a ti kọjá ohun tí à ń ṣọ́ nílé. Ó ń fẹ́ oníṣègùn etí.

Bí ọmọ yín bá yá, tí ìrora tán, omi díẹ̀ lè ṣì wà lẹ́yìn awọ náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó má sì máa gbọ́ràn dáadáa. Ẹ ó rí i pé ó ń béèrè pé kí ni ẹ wí, tàbí kí ó máa fẹ́ kí ohùn tẹlifíṣọ̀n ga. Ẹ má ṣe bá a wí pé olóríkunkun ni. Ẹ dojú kọ ọ́ kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀. Púpọ̀ ló máa ń gbẹ láìsí oògùn. Bí ó bá pé oṣù mẹ́ta tí kò tíì gbọ́ràn dáadáa, tàbí tí ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ ń falẹ̀, ẹ mú un lọ kí wọ́n yẹ etí náà wò kí wọ́n sì wọn ìgbọ́ràn rẹ̀. Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe bí etí dídùn yìí bá wáyé ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàrin oṣù mẹ́fà, tàbí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láàrin ọdún kan.